Kápúsù ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin tó di ọdún mẹ́ta

*Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, mo ti pé ọmọ ọdún 54. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àyà ń ta mí, omi kíkan sì ń ru sí mi lọ́fun lálẹ́. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n fún mi ní omepirasóòlù 20 mílígíráàmù pé kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Látìgbà náà ni mo ti ń rà á fúnra mi. Bí mo bá ní kí n má lò ó mọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, àyà mi á máa jó bí ẹni pé wọ́n da ata sí i. Mo ń lo amulodipíìnì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì máa ń lo oògùn orúnkún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ní oògùn yìí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé kí n dà á nù ni, àbí mo ti di ẹni tí kò lè ṣe aláìlò ó?*

Ìyá mi, ẹ má dà á nù lónìí, ẹ má sì gbà pé ẹ ò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Jíjó ọjọ́ kẹta yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sọ́dọ̀ wa ní kẹ́mísì. Wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀?” Nígbà míì, kì í ṣe àìsàn náà rárá. Oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ló fà á.

Nínú ògiri àpòlúkù wa, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan wà tó ń pọn ásíìdì, ìyẹn omi kíkan tó ń bá wa da oúnjẹ. Iṣẹ́ omepirasóòlù ni kó dé ẹnu ẹ̀rọ náà pa. Ẹ̀rọ tó bá sì ti pa, kì í ṣí mọ́; ó di ìgbà tí ara bá ṣe òmíràn. Oògùn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lọ, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ títí tí àwọn ẹ̀rọ tuntun á fi tó. Ìdí nìyí tí ẹ kì í fi mọ nǹkan kan lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ò lò ó, tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta ni ìjà ń dé.

Àmọ́ kí ló dé tí jíjó náà fi máa ń ju ti ìgbà tí ẹ kò tíì mọ oògùn yìí rárá? Ara ò mọ̀ pé oògùn la fi dí ásíìdì lọ́nà. Ohun tó rí ni pé ásíìdì kéré, ó sì ní ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ gásítírìnì tó máa ń rán lọ pé kí wọ́n ṣe sí i. Ẹ fojú inú wo ìyá aláró kan tí ẹnì kan ti ìlẹ̀kùn ilé aró rẹ̀ pa láti òde. Aṣọ ò jáde. Kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì, ó rò pé ọwọ́ ni ò tó, ló bá ń gba ọmọṣẹ́ kún ọmọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn, ogún ọmọṣẹ́ ló máa rọ́ wọ ibi tí ẹni márùn-ún ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Aró á kún ìkòkò, á ya sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá aláró á máa dá wọn padà sílé, kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan. Bó ṣe rí nínú yín nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn kí ásíìdì tó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ti lò ó lọ́dún púpọ̀ lè rí i tó oṣù méjì.

Wọ́n ti dán èyí wò lára àwọn tí àyà ò ta rí. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Dẹ́ńmáàkì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde: ọgọ́fà èèyàn tí ara wọn le koko ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ẹsomepirasóòlù, ọmọ ìyá oògùn yín, 40 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọ́n fi kápúsù tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Kápúsù aláìloògùn ni ìdajì kejì ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí ìkejìlá, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti lo oògùn ló ní àyà ń ta àwọn tàbí omi kíkan ń ru sí àwọn lọ́fun. Nínú àwọn yòókù, ìdá 15 péré ni. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀ ni o. Oògùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ló fún wọn ní ohun tí àwọn aláìsàn ń tìtorí rẹ̀ lo oògùn. Nítorí náà, bí àyà yín bá jó lọ́jọ́ kẹta, kò tíì jẹ́rìí pé ẹ nílò kápúsù náà. Bí ó bá ṣì ń jó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, màá dé ibẹ̀.

Ní ti kíndìnrín, ọmọ yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ara ẹnì kan kọ oògùn yìí, tí kíndìnrín rẹ̀ á sì wú lójijì. Kò wọ́pọ̀. Àwọn ìwádìí kan rí i pé àìsàn kíndìnrín pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó pẹ́, àmọ́ àwọn tó ń lò ó pẹ́ náà ló sábà máa ń ní àìsàn mìíràn lára, kò rọrùn láti mọ èyí tó fa èyí. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn èèyàn tó lé ní 17,000 ní pantopirasóòlù, ọmọ ìyá oògùn yín mìíràn, tàbí èyí tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àrùn inú bí ìgbẹ́ gbuuru nìkan ló hàn gbangba pé ó pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lo oògùn. Ohun tó ń kan mi nípa tiyín yàtọ̀ sí ti kíndìnrín. Ọdún mẹ́ta ti tó kí fítámì B12 ti máa lọ sílẹ̀ lára yín, torí ásíìdì ló ń bá wa yọ ọ́ lára ẹran àti ẹja. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bá ń kú tipiri, tàbí ó ń rẹ̀ yín láìnídìí, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Maginẹ́síọ̀mù náà lè lọ sílẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀. Ẹsẹ̀ á máa fa pajápajá lóru, àyà á máa já. Ẹ bá mi yẹ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù ni kó lé yín kúrò lórí oògùn. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: kí la fún yín ní oògùn yìí fún, ṣé nǹkan náà ṣì wà? Mo ti rí ibi tí ẹ̀rù ti ṣe èèyàn léṣe. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà ní Láfẹ́nwá ń lo ásípírìnì kékeré, 75 mílígíráàmù, lójoojúmọ́ látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Wọ́n fi omepirasóòlù tì í láti dáàbò bo inú rẹ̀, torí ó ti lé ní 70 ọdún, inú rẹ̀ sì ti ṣẹ̀jẹ̀ rí. Ẹnì kan sọ fún un pé oògùn yẹn léwu. Ó jù ú nù, ó ń bá ásípírìnì lọ. Oṣù kejì, ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi, ó ní ìgbẹ́ bàbá dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó ń lẹ̀, ó sì ń rùn yàtọ̀. Mi ò jẹ́ kó jókòó, ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni, tí ásíìdì ti sè dúdú kó tó jáde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó yè é.

Ẹni tí inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, ẹni tó ń lo ásípírìnì tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó sì ti dàgbà, ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí wọ́n rí egbò tó jìn, tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti sún kì, tàbí tí wọ́n sọ fún pé awọ ibẹ̀ ti yí padà sí irú ti inú: kí irú wọn má fọwọ́ kan oògùn yìí láì jẹ́ pé dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ náà ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń lò ó fún ìdí tí kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin ń kọ́? Ohun tí ẹ ṣàlàyé, àyà tó ń ta àti omi kíkan tó ń ru sókè lálẹ́, kò jọ ọgbẹ́ inú lójú mi. Ọgbẹ́ inú sábà máa ń dun ni lókè ìdodo, ó lè jí ni lóru nígbà tí ebi bá ń pani. Tiyín jọ ti ìdérí tó wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpòlúkù, tí kò pa dáadáa mọ́ tí ásíìdì fi ń gòkè. Níbí yìí, gbogbo inú dídùn ni wọ́n ń pè ní ọgbẹ́ inú, bí ẹ ṣe wí yìí gan-an, láìyẹ nǹkan kan wò. Fún irú tiyín, tí kò bá sí egbò tó jìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló yẹ kí a lo oògùn, lẹ́yìn náà ká wò ó bóyá ó ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ wà lára àwọn tó ṣeé ṣe fún, bí oúnjẹ kò bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ ò bá rù láìmọ ìdí, bí ẹ ò bá máa bì lemọ́lemọ́, tí ìgbẹ́ yín kò sì dúdú rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, ilé ìwòsàn tó ní kámẹ́rà awonú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ gbàgbé ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí ná.

Oògùn orúnkún yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí a sábà máa ń rà fún orúnkún lórí àtẹ: ibuporofẹ́ẹ̀nì, dikilofẹ́nákì, pirosikáàmù. Ẹ tún wo Alábùkún. Abẹ́òkúta wa níbí ni Jékọ́bù Odùláte ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1918, kò sì sí ilé tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ásípírìnì àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn púpọ̀ ń lò ó tí wọn ò kà á sí ásípírìnì. Wọ́n á sọ fún dókítà pé àwọn ò lo oògùn ara ríro kankan. Gbogbo wọn pátá ló ń dín ààbò tí inú fi ń bo ara rẹ̀ kù. Bí ẹ bá fi omepirasóòlù sílẹ̀ tí ẹ sì ń bá wọn lọ, ẹ ti ṣí ilé sílẹ̀ ẹ tún pe olè. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yí padà sí parasitamọ́ọ̀lù, 500 mílígíráàmù méjì lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà láàárín, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ tún lè fi oògùn jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi para pa orúnkún náà. Èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kéré gan-an. Bí orúnkún yín ò bá lè dúró láìsí oògùn tó le jù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí ẹ tó dín omepirasóòlù kù rárá, torí nígbà náà ẹ lè nílò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni kí ẹ wo àṣálẹ́ yín. Mo mọ bí ọjà Ìtòkú ṣe ń tú: aago mẹ́jọ ni ẹ máa délé, ó di aago mẹ́sàn-án kí àmàlà láfún àti ewédú tó dé iwájú yín, ní aago mẹ́wàá ẹ ti sùn. Àpòlúkù kún, ẹ na gbalaja, ìdérí náà ò sì pa. Oúnjẹ tó pọ̀ ní kí ẹ jẹ lọ́sàn-án, kí ti alẹ́ kéré, kí ẹ sì fi wákàtí mẹ́ta sáàárín oúnjẹ àti oorun. Ẹ wá bíríkì tàbí pákó kó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè tó nǹkan bí ìka mẹ́wàá ní ìbú. Ìrọ̀rí méjì-mẹ́ta kò ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó kàn ń ká ikùn po ni. Ìró tí ẹ bá so mọ́nú gírígírí tí ẹ tún wá ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká àdìrẹ jọ lẹ́yìn oúnjẹ, òun náà ń ti ásíìdì sókè. Nípa amulodipíìnì, òótọ́ ni pé ó lè jẹ́ kí ìdérí yẹn túbọ̀ rọ̀ lára àwọn kan. Ẹ má dá a dúró o, ẹ̀jẹ̀ ríru ò ṣeé fi ṣeré. Ẹ kàn sọ fún dókítà yín nígbà tí ẹ bá lọ gba tuntun, ó mọ èyí tó lè fi rọ́pò rẹ̀ bó bá rí i pé ó yẹ.

Ìbéèrè kan tí mo máa ń bi gbogbo èèyàn: ìgbà wo lẹ ń lo kápúsù náà? Ìdajì wọn ní, “Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.” Àwọn ẹ̀rọ ásíìdì máa ń jí nígbà tí oúnjẹ bá dé, àwọn tó bá jí nìkan ni oògùn sì lè dé lẹ́nu. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni ìgbà rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń lo méjì lójúmọ́ tí ọ̀kan tó wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní àkókò rẹ̀.

Ó kan dídín kù wàyí. Kápúsù 20 ni tiyín, ẹ ò sì lè pín in sí méjì: àwọn hóró kéékèèké inú rẹ̀ ní aṣọ tí kì í jẹ́ kí ásíìdì bà wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó kọjá àpòlúkù, bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tàbí ẹ bá rún un lẹ́nu, ẹ ti ba oògùn jẹ́. Ọjọ́ ni a ó fi dín in. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lo ọ̀kan lónìí, ẹ fò ó lọ́la. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ lo ọ̀kan kí ẹ tó fo ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Àwọn dókítà inú kan máa ń ní kí aláìsàn dá a dúró lójú ẹsẹ̀, èyí náà kò léwu fún irú yín, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì tó sì kùnà, torí ó ń jẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀ pé ọjọ́ kan lè kọjá láìsí kápúsù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fò, ẹ ní ohun tí ẹ máa fi mú jíjó náà. Oògùn olómi tó ní álíjínéètì ló dára jù: ó ń léfòó sórí ohun tó wà nínú àpòlúkù, ó dà bí ìfófó lójú ìkòkò, kò jẹ́ kí ásíìdì gòkè. Ṣíbí tíì méjì, ìyẹn mílílítà 10, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀. Bí iyọ̀ sódíọ̀mù inú rẹ̀ bá pọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru yóò máa mu ní gbogbo ìgbà. Tí ẹ ò bá rí i, oògùn funfun olómi tí ń jẹ́ maginẹ́síọ̀mù tiráísílíkéètì wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Ó lè tú inú díẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín rẹ̀ àti amulodipíìnì àti oògùn mìíràn. Bí alẹ́ bá burú gan-an, famotidíìnì 20 mílígíráàmù kan wà, ẹ lo ọ̀kan lálẹ́. Kì í ṣe lójoojúmọ́ o: bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá kọjá tí ẹ ń lò ó láìdáwọ́ dúró, ara á ti mọ̀ ọ́n lára, kò ní ṣiṣẹ́ bíi tàkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo káún. Mo mọ̀ pé ìyá wa máa ń lá a, ó sì máa ń pa jíjó náà lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yín á sì ru. Wàrà pẹ̀lú ń tuni lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún wá ń pe ásíìdì jáde lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára ẹnì kan. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìjàyè, wọ́n fún un ní rabepirasóòlù, ọmọ ìyá oògùn yín mìíràn, 20 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú oògùn apakòkòrò méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kòkòrò páílórì tó ń fa ọgbẹ́ inú. Oògùn apakòkòrò parí, rabepirasóòlù ò parí. Ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún mẹ́rin. Kò lo ásípírìnì, kò lo ohunkóhun fún oríkèé. A kọ́kọ́ já ti alẹ́ sílẹ̀, ó ń lo ti àárọ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò mọ̀ ọ́n lára. A wá ń fo ọjọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kó máa fi bírò fa ìlà kan sí kàlẹ́ńdà ògiri rẹ̀ lọ́jọ́ tí àyà bá ta á, méjì bí ó bá jí i lóru. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tó fi í sílẹ̀ pátápátá, ọjọ́ márùn-ún nínú méje ló ní ìlà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó pè mí lóru pé òun máa rà á láàárọ̀. Mo ní kó mú ṣíbí méjì álíjínéètì, kó dìde jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì bá mi ka ọjọ́ tó ní ìlà nínú méje tó kọjá. Mẹ́rin ni, ó sì ti dín ìlà méjì-méjì kù sí ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlà méjì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sí ìkankan. Kàlẹ́ńdà yẹn ló mú un dúró, torí lójú ẹni tí àyà ń jó, ó dà bíi pé ojoojúmọ́ ló ń jó.

Nígbà tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ti fi í sílẹ̀, mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún kòkòrò páílórì, torí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn àkọ́kọ́ pa á tán. Àkókò yẹn ló dára jù, nítorí omepirasóòlù àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ máa ń jẹ́ kí kòkòrò náà sá pamọ́; bí ẹ bá ń lò ó lọ́wọ́, àyẹ̀wò lè ní kò sí nígbà tó wà. Tiẹ̀ ò sí mọ́. Bí àwọn kan bá ní kí ẹ̀yin ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ pé ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí lẹ fẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ ò lè yà á sọ́tọ̀ bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀ báyìí tàbí ó ti wà rí. Torí pé ẹ ń lo oògùn orúnkún, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe é nígbà tí ẹ bá dé ọ̀sẹ̀ kejì láìlo kápúsù, bí kò bá sì tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ lo oògùn apakòkòrò fún nǹkan mìíràn, ẹ dúró kó pé.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni ọjọ́ kẹta sí ìkẹwàá. Bí jíjó náà bá burú, ẹ mú oògùn olómi. Bí ó bá burú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra láìka oògùn olómi sí, kò tíì bàjẹ́: ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fò padà sí ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín tàbí tí èémí ń ṣòro, ẹ má sọ pé apòògùn ní ásíìdì á ru. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ọkàn náà lè máa sọ̀rọ̀.

Tí oṣù méjì bá wá pé tí ìlà orí kàlẹ́ńdà yín kò dín, a jẹ́ pé ìdérí yẹn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nígbà yẹn ni mo máa fẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun yín, kí a lè mọ ohun tí a ń tọ́jú, kí ẹ sì máa lo èyí tó kéré jù tó ń mú un, ọ̀kan lójúmọ́, kí a tún máa bi ara wa léèrè lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn máa ń bọ́ sí àárín: wọn ò lò ó lójoojúmọ́, àmọ́ bí àyà bá ń ta wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á dúró. Ìyẹn náà dára.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ ní òde. Ata àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò òde kan ṣoṣo tó láti mú yín gbà pé ètò náà ò ṣiṣẹ́. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ méjì tó parọ́rọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì ka kápúsù tó kù nínú káàdì yín. Méje ni ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa gbà, márùn-ún ni ti èkejì. Bí méjìlá bá wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in, ẹ ò ní láti ra páálí tuntun.